Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ẹgbẹ́: Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rí fún Oníṣirò Owó Kékeré Tí Ó Yẹ fún Ìgbéga



Nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ní òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù máa ń kún fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Apá kan fọ́ọ̀mù náà ni a ti ń fún ènìyàn ní máàkì: dídé sẹ́nu iṣẹ́ lásìkò, ìmọ̀ iṣẹ́, ìwà sí àwọn tí ó ń bá ṣiṣẹ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àyè kan wà tí a fi sílẹ̀ kí ọ̀gá òṣìṣẹ́ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ó rí. Lórí àyè kékeré yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé, pàápàá nígbà tí ẹni tí a ń kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jẹ́ oníṣirò owó kékeré tí iṣẹ́ rẹ̀ ta yọ, tí ọ̀gá rẹ̀ sì fẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbé e ga.

Ohun tí ó fi kan gbogbo wa nìyí. Àwọn tí wọn ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ alákòóso wa ní Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀ kì í ṣe oníṣirò owó. Àgbẹ̀ ni ẹlòmíràn, ẹlòmíràn ń tajà ní Òkè-Ajé, ẹlòmíràn jẹ́ olùkọ́ tàbí awakọ̀. Wọn kì í bá oníṣirò owó jókòó lójoojúmọ́. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ nìkan ni wọn ní lọ́wọ́ láti fi ṣe ìdájọ́. Nínú iṣẹ́ owó, ìgbéga sì ju àfikún owó oṣù lọ. Oníṣirò owó kékeré ń kọ ìwé. Ẹni tí ó wà lókè rẹ̀ ni ó ń yẹ ohun tí a kọ wò, tí ó sì ń fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Nítorí náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ bá ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀rí yìí, ohun tí wọn ń bi ara wọn ni pé: ṣé ọwọ́ ẹni yìí ni kí a fi owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí?

1. Ìdí tí òṣìṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ lè ka ohun tí a kọ

Láyé àtijọ́, nínú iṣẹ́ ìjọba, ìwé àṣírí ni ìwé tí ọ̀gá ń kọ nípa òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kì í rí i. Ọ̀gá lè kọ ohun tí ó wù ú, rere tàbí búburú, láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ìgbìmọ̀ Udoji, tí ó yẹ iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà wò, tí ó sì jábọ̀ ní ọdún 1974, wà lára àwọn tí ó gbani nímọ̀ràn pé kí àyẹ̀wò náà di ohun gbangba. Àǹfààní rẹ̀ fún wa rọrùn láti rí: bí òṣìṣẹ́ àti ìgbìmọ̀ bá máa ka ohun kan náà, ẹni tí ń kọ ọ́ yóò kọ kìkì ohun tí ó lè dúró lé lórí.

2. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn ṣùgbọ́n tí kò wúlò

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ kan tí a sábà máa ń rí nínú fọ́ọ̀mù:

“Òṣìṣẹ́ dáadáa ni. Olóòótọ́ ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e ga.”

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí wé awakọ̀ ẹgbẹ́, ẹ fi wé ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ilé ẹgbẹ́ lálẹ́. Yóò bá wọn mu bákan náà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá gbogbo ènìyàn mu kò sọ nǹkan kan nípa ẹnì kan. Bí ọmọ ìgbìmọ̀ kan bá sì béèrè pé, “Kí ni ó ṣe tí àwọn yòókù kò ṣe?” kò sí ohun tí akọ̀wé yóò nà jáde. Báyìí ni a ṣe ń pàdánù òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́: ìgbìmọ̀ yóò ní kí ó dúró di ọdún tí ń bọ̀, ilé-iṣẹ́ mìíràn yóò sì ti mú un lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí tí ó wúlò máa ń dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Báwo ni iṣẹ́ ṣe rí kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀? Kí ni òun gan-an ṣe sí i? Kí ni ó yí padà, ibo sì ni a ti lè rí i? Ìbéèrè kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Bí a bá sọ pé ìwé kan dára, kí a sọ orúkọ ìwé náà àti ọjọ́ tí akápò fọwọ́ sí i, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè lọ ṣí i wò.

3. Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ́fíìsì àpapọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè, Odògbolú àti àwọn ìlú mìíràn ń san owó síbẹ̀. Agbowó kan ń lọ gba owó náà, ó ń já rísíìtì, ó sì ń san owó sí báńkì. Oníṣirò owó kékeré, ọ̀dọ́bìnrin kan, ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ owó àti sínú lẹ́jà ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àpẹẹrẹ lásán ni èyí; kì í ṣe ẹgbẹ́ kan pàtó ni a ń bá wí.

Lóṣooṣù, ó yẹ kí ọ́fíìsì fi ìwé owó tirẹ̀ wé ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́, kí a sì wá ìdí tí iye méjèèjì fi yàtọ̀. Kí iṣẹ́ yìí tó dé ọwọ́ ọ̀dọ́bìnrin náà ní oṣù kẹrin, ó máa ń pẹ́ gan-an. Ti oṣù kíní kò parí títí di àárín oṣù kẹta. Láti ti oṣù kẹrin títí dé ti oṣù kọkànlá, oṣù 8 gbáko, kò sí èyí tí ó kọjá ọjọ́ 7 oṣù tí ó tẹ̀lé e. Ọjọ́ tí akápò fọwọ́ sí wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n yíyá nìkan kò tó. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìparí oṣù kẹfà. Ìwé ẹgbẹ́ sọ pé ₦2,846,000 ni ó wà ní báńkì. Báńkì ní ₦2,990,500 ni. Báyìí ni ó ṣe tú u:

Lọ́nà kìíní, ẹgbẹ́ ti kọ ṣẹ́ẹ̀kì ₦185,000 fún àwọn ènìyàn tí wọn kò tíì lọ gbà á. Owó náà ṣì wà lọ́wọ́ báńkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹgbẹ́ mọ́. Ó yọ ọ́ kúrò nínú iye ti báńkì. Lọ́nà kejì, ẹgbẹ́ ti san ₦63,000 sí báńkì ní ọjọ́ tí oṣù parí, báńkì kò sì tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi í kún un. Iye ti báńkì wá di ₦2,868,500. Lọ́nà kẹta, báńkì ti yọ ₦4,500 fún owó iṣẹ́ tirẹ̀, èyí tí ẹgbẹ́ kò mọ̀. Ó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́, èyí di ₦2,841,500. Síbẹ̀, ₦27,000 ṣì fi ìyàtọ̀ sáàárín méjèèjì.

Níbí ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ti yàtọ̀ sí ẹni tí ń kọ ìwé lásán. Ó pín 27,000 sí ọ̀nà 9, ó sì bọ́ sí 3,000 láìṣẹ́kù. Àwọn oníṣirò owó mọ̀ pé bí ìyàtọ̀ bá ṣeé pín sí 9 láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti gbé nọ́ńbà méjì lé ipò ara wọn, bí ẹni tí ó fẹ́ kọ 63 tí ó kọ 36. Àmì ni èyí, kì í ṣe ẹ̀rí. Owó ₦27,000 tí a gbàgbé láti kọ rárá yóò ṣeé pín sí 9 bákan náà. Nítorí èyí kò dúró síbẹ̀. Ó kó gbogbo rísíìtì oṣù náà jáde, ó ń fi wọ́n wé ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan rísíìtì ₦74,000 tí ẹgbẹ́ kékeré kan san. Nínú ìwé owó, ₦47,000 ni a kọ.

Ẹ kíyèsí ohun kan. Láti inú ìwé owó ni a ti gbé iye náà lọ sínú lẹ́jà ẹgbẹ́ kékeré yẹn. Nítorí náà ₦47,000 kan náà ni ó wà ní ibi méjèèjì, ìwé ẹgbẹ́ sì bá ara wọn mu láìsí àléébù. A kò lè rí àṣìṣe náà bí a bá kàn fi ìwé méjèèjì yìí wé ara wọn. Láàárín àkókò yẹn, ẹgbẹ́ kékeré náà ní rísíìtì ₦74,000 lọ́wọ́, ọ́fíìsì sì ń sọ pé ₦47,000 ni ó dé. Ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo agbowó ti ń yí padà, wọ́n ti ń sọ pé òun ni ó jẹ ìyókù. Ìwé báńkì fi hàn pé ó san gbogbo rẹ̀ pé. Iṣẹ́ ọ̀dọ́bìnrin yìí ni ó yọ ọmọlúàbí kan kúrò nínú ẹ̀sùn olè.

Lẹ́yìn náà, kò fi nǹkan pa 47,000 rẹ́ kí ó tún un kọ. Ó kọ àtúnṣe sí ìlà tuntun, ó kọ ìdí rẹ̀ àti nọ́ńbà rísíìtì náà síbẹ̀, akápò sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé náà lọ́dún mẹ́wàá sí i yóò rí àṣìṣe àti àtúnṣe rẹ̀ papọ̀.

4. Ohun tí a kò gbọdọ̀ yìn láìronú

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyìn pé, “Láti ọdún mẹ́ta tí ó ti dé, kò gba ìsinmi rí.” Fún ẹni tí owó ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ewu ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ẹnì kan gba ₦50,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kìíní lọ́jọ́ Ajé, ó ná an. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gba ₦50,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, ó sì kọ ọ́ sórúkọ ẹgbẹ́ kìíní. Lọ́jọ́rú, yóò fi owó ẹgbẹ́ kẹta dí ihò ti ẹgbẹ́ kejì. Báyìí ni ihò náà yóò máa sún síwájú, kò ní dí láéláé. Irú olè yìí kò lè fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá jókòó síbẹ̀ ni àṣírí yóò tú.

A kò sọ pé gbogbo ẹni tí kò gba ìsinmi ni olè. Ohun tí a ń sọ ni pé ìsinmi jẹ́ ìdánwò tí ìwé rẹ̀ ní láti yege. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọ̀dọ́bìnrin náà gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ní oṣù kẹsàn-án. Òṣìṣẹ́ mìíràn di ìwé rẹ̀ mú, ó sì rí i pé kò sí ohun tí ó sọnù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó ní láti pè é bi léèrè. Èyí ni ó yẹ kí a kọ.

5. Ṣé ó lè ṣe iṣẹ́ tí ó wà níwájú?

Iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe dáadáa ní ipò tí ó wà kò tíì fi hàn pé yóò lè ṣe ti ipò tí a fẹ́ gbé e sí. Oníṣirò owó àgbà ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò, ó ń kọ́ ẹlòmíràn, ó sì ń dá àwọn ọ́dítọ̀ lóhùn, ìyẹn àwọn tí ń wá yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò lọ́dọọdún. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀rí gbọ́dọ̀ mú nǹkan kan wá láti inú irú iṣẹ́ yìí. Nínú àpẹẹrẹ wa, ó di ipò ọ̀gá rẹ̀ mú fún ọ̀sẹ̀ 4 ní oṣù kẹjọ, ó sì dá fáọ́ṣà 3 padà tí kò ní rísíìtì lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ti ọmọ ìgbìmọ̀ kan. Èyí sọ nǹkan tí “ó ní ìgboyà” kò lè sọ.

Bákan náà, ìbéèrè tí àwọn ọ́dítọ̀ fi sílẹ̀ dín kù láti 11 sí 3. Ọ̀gá tí ń kọ ọ̀rọ̀ lè fẹ́ gbé gbogbo iyì yìí fún un. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà ni ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo rísíìtì olójú mẹ́ta, èyí sì ní ipa tirẹ̀. Kí a kọ ipa méjèèjì. Ọmọ ìgbìmọ̀ tí ó bá mọ̀ nípa rísíìtì náà yóò gbẹ́kẹ̀ lé ìyókù ọ̀rọ̀ wa nítorí pé a kò fi èyí pamọ́.

Ó tún yẹ kí a sọ ohun tí kò tíì lè ṣe. Gbólóhùn kan níí ba ọ̀rọ̀ jẹ́, gbólóhùn kan náà níí tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí tí kò ní àléébù kankan máa ń dà bí ìpolówó ọjà. Kí a dárúkọ àléébù náà, kí a sì sọ bí a ó ṣe dí i.

6. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí náà gan-an

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ohun tí oníṣirò owó àgbà lè kọ nìyí:

“Èmi ni ọ̀gá tí ó ń rí iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ní ọdún yìí. Ní oṣù kẹrin ni mo gbé iṣẹ́ fífi ìwé owó wa wé ti báńkì lé e lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń pẹ́ ju oṣù kan lọ. Láti ti oṣù kẹrin dé ti oṣù kọkànlá, kò sí èyí tí kò parí kí ọjọ́ 7 oṣù kejì tó kọjá; ẹ wo ọjọ́ tí akápò fọwọ́ sí wọn.

“Nínú ìwé oṣù kẹfà, ó wá ìdí ìyàtọ̀ ₦27,000 títí ó fi rí i pé ₦74,000 ni a kọ ní ₦47,000. Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà rísíìtì. Èyí mú ẹ̀sùn kúrò lọ́rùn agbowó wa, ó sì fún ẹgbẹ́ kan ní owó rẹ̀ padà nínú lẹ́jà. Ó gba ìsinmi rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ẹni tí ó di ìwé rẹ̀ mú kò rí àléébù.

“Ó dúró nípò mi fún ọ̀sẹ̀ 4, ó sì dá fáọ́ṣà 3 tí kò pé padà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè àwọn ọ́dítọ̀ dín kù láti 11 sí 3. Rísíìtì tuntun ràn wá lọ́wọ́ nínú èyí, ṣùgbọ́n òun ni ó to ìwé tí wọ́n béèrè.

“Kò tíì dá ṣe ìwé ìparí ọdún láìsí èmi. Mo fẹ́ kí ó ṣe ti ọdún yìí, kí n máa wò ó. Ó ti yege ìpele àkọ́kọ́ nínú ìpele mẹ́ta ìdánwò ICAN. Nínú ìdájọ́ tèmi, ó yẹ fún ipò oníṣirò owó àgbà kejì, mo sì dábàá bẹ́ẹ̀ fún ìgbìmọ̀.”

Ẹ kíyèsí gbólóhùn tí ó kẹ́yìn. Ọ̀gá ń dábàá ni. Ìgbìmọ̀ ni ó ń pinnu. Kò yẹ kí ó ti ṣèlérí ipò náà fún òṣìṣẹ́ kí ìpàdé tó jókòó. Ẹ tún kíyèsí ohun tí kò sí níbẹ̀: kò sọ nípa ìlú tí ó ti wá, ẹ̀sìn rẹ̀, ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ náà bá jẹ́ ẹbí ọ̀gá tí ó yẹ kí ó kọ ọ̀rọ̀, kí ẹlòmíràn kọ ọ́.

7. Bí a ṣe lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rí kan kò dúró dáadáa

Kí ọmọ ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Bí gbogbo ohun tí a dárúkọ bá ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá àti ìkejìlá, ohun tí ọ̀gá rántí ni ó kọ, kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Oògùn rẹ̀ ni ìwé kékeré kan tí ọ̀gá yóò máa kọ ìlà méjì tàbí mẹ́ta sí ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ohun rere àti àléébù papọ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ó fi ọ̀rọ̀ wé máàkì. Bí máàkì bá ga dé òkè ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kò ní ohun kan tí a lè lọ wò, máàkì náà kò ní ẹsẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ márùn-ún bá sì wà tí gbogbo wọn gba máàkì tí ó ga jù, ọ̀gá náà kò tíì sọ ẹni tí ó ta yọ fún wa.

Níkẹyìn, kí ó mú ohun kan péré nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ó ní kí akọ̀wé gbé ìwé rẹ̀ wá sórí tábìlì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé

(a) Nínú ìwé oṣù kẹfà, kí ni ìdí tí a fi yọ ṣẹ́ẹ̀kì ₦185,000 kúrò nínú iye ti báńkì, tí kì í ṣe nínú ti ẹgbẹ́?

(b) Ìwé owó àti lẹ́jà bá ara wọn mu, síbẹ̀ àṣìṣe wà níbẹ̀. Báwo ni èyí ṣe ṣeé ṣe?

(d) Nínú ẹgbẹ́ tiyín, ìgbà wo ni ẹni tí ń di ìwé owó mú gba ìsinmi gbẹ̀yìn? Ta ni ó di ìwé náà mú fún un?

(e) Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa òṣìṣẹ́ kan nínú ẹgbẹ́ yín, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí a lè ṣí wò lẹ́yìn rẹ̀.